Kátúùnù àtijọ́ tí mo fẹ́ mú tóbi: etí funfun ń yọ lára ìlà, ojú ẹni tó wà lókèèrè sì ń yọ́

Ayọ̀_Alákátúùnù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní àwo díìfídíì kátúùnù àwọn ará Japan kan, ti àárín ọdún 1980 sí 1989, irú èyí tí wọ́n fi ọwọ́ yà sórí ike tó mọ́ gaara, tí wọ́n fi ọ̀dà kun ẹ̀yìn ike náà, tí wọ́n wá fi kámẹ́rà fíìmù yà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwo ará Amẹ́ríkà ni, NTSC, 720x480. Mo fẹ́ kó kún ojú tẹlifíṣọ̀n 1080 láìbàjẹ́.

Realesrgan-ncnn-vulkan ni mo lò, mo fi mọ́dẹ́lì RealESRGAN_x4plus_anime_6B sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Àwọ̀ inú rẹ̀ tẹ́jú, ó sì mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlà dúdú tó bá dúró gbọnrangandan, bí igi ilẹ̀kùn tàbí ẹ̀gbẹ́ ojú ènìyàn, ló ní etí funfun lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹni tó bá wà lókèèrè, ojú àti ẹnu rẹ̀ á yọ́ pọ̀. Bí ẹnìkan bá sì ń sáré, ìlà ara rẹ̀ á rí ṣákaṣàka. Ṣé kí n wá mọ́dẹ́lì mìíràn ni?

Délé_Pẹ́kámù:
Àbúrò, Lanczos ló ń dà ọ́ láàmú. Àwọn ètò wọ̀nyí sábà máa ń fi Lanczos tún àwòrán ṣe níkẹyìn kó lè bá ojú tẹlifíṣọ̀n mu. Bí Lanczos bá ń wá àwọ̀ píkísẹ́lì tuntun, ó máa ń yọ díẹ̀ kúrò nínú ti àwọn aládùúgbò tó jìnnà díẹ̀. Bí aládùúgbò yẹn bá dúdú, yíyọ rẹ̀ kúrò á mú ibi tó wà funfun ju bó ṣe yẹ lọ. Ibi tí etí funfun ti ń wá nìyẹn. Lo bilinear, kì í yọ nǹkankan kúrò, etí funfun á sì pòórá. Lẹ́yìn náà kí o pọ́n ìlà náà díẹ̀ kó lè mú.

Ẹ̀gbọ́n_Fíìmù:
Ohun tí Délé sọ nípa Lanczos jóòótọ́, mi ò ní jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kan ọ̀rọ̀ Ayọ̀. Ẹ tún ohun tó kọ kà: ìlà tó *dúró* nìkan ló ní etí funfun, ọ̀tún àti òsì. Bí Lanczos bá ṣe é, ìlà tó dùbúlẹ̀ náà á ní tirẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, nítorí ìhà méjèèjì ló máa ń ṣiṣẹ́ lé lórí bákan náà. Etí funfun tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nìkan, ara fídíò ló ti wá. Àwọn ẹ̀rọ fídíò ìgbà yẹn ń ka àwòrán ní ìlà-ìlà láti òsì sí ọ̀tún, ẹ̀rọ tó ń pọ́n àwòrán sì ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà yẹn. Ó ti wà nínú àwo rẹ kó tó dé ọwọ́ rẹ.

Má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Yọ ibi kékeré kan jáde, kí o mú un tóbi lọ́nà tí kò fi àwọ̀ kankan kún un:

```
ffmpeg -ss 00:02:10 -i awo.vob -frames:v 1 \
 -vf "crop=160:120:300:180,scale=iw*6:ih*6:flags=neighbor" wo.png
```

Wá ibi tí ìlà tó dúró àti èyí tó dùbúlẹ̀ ti pàdé, bíi kọ̀rọ̀ fèrèsé. Kà á bóyá etí funfun wà, kí o sì ka iye píkísẹ́lì tó fẹ̀. Fi èsì ránṣẹ́ kí a tó sọ̀rọ̀ mọ́dẹ́lì. Gbogbo mọ́dẹ́lì tó mọ kátúùnù ni wọ́n ti kọ́ pé ohun tó bá yàtọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, ìlà ni. Bí o bá gbé etí funfun fún un, á rò pé olùyàwòrán ló yà á, á sì tún un yà kó mú dáadáa. Tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ tán, kò sí ohun tó lè yọ ọ́ mọ́ láìba ìlà dúdú jẹ́.

Ìyá_Tayọ̀:
Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi náà ní kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí a fi gba kátúùnù sílẹ̀ lórí NTA nígbà tí àwọn ọmọ wà ní kékeré. Ṣé àṣẹ tí ẹ kọ yìí ló máa gbé e wọ inú kọ̀ǹpútà? Níbo ni mo ti máa ki okùn bọ̀?

Ẹ̀gbọ́n_Fíìmù:
Ẹ kú u mà. Rárá o, ohun tó ti wọ kọ̀ǹpútà nìkan ni àṣẹ yẹn ń ṣiṣẹ́ fún. Ti yín yóò kọ́kọ́ nílò ẹ̀rọ tó ń gba fídíò láti ara okùn, kí ẹ sì lo ihò S-Video bí ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì yín bá ní in. Okùn aláwọ̀ ìyeyè lásán ń po ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ pọ̀, ó sì máa ń mú kí àwọn ẹ̀kán kéékèèké máa rìn lára ìlà. Ẹ ṣí ọ̀rọ̀ tuntun fún un, a ó wá bá yín níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tẹ̀lé ohun tí mo máa kọ fún Ayọ̀ nípa férémù. PAL ni ti Nàìjíríà, férémù 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àṣẹ tó wúlò fún NTSC yóò máa ju férémù gidi kan nù nínú márùn-ún yín.

Ayọ̀_Alákátúùnù:
Mo ti wò ó, sà. Etí funfun wà níbẹ̀ lóòótọ́ kí n tó fọwọ́ kan nǹkankan! Píkísẹ́lì méjì ló fẹ̀ lápá ọ̀tún, ti òsì kò tó bẹ́ẹ̀. Abẹ́ fèrèsé, ìyẹn ìlà tó dùbúlẹ̀, kò ní rárá. Mo tún rí nǹkan mìíràn: nínú àwọn férémù kan, ẹni tó ń sáré ní eyín bíi ti ìyarun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Fíìmù:
Eyín yẹn ló ń ba ìlà rẹ jẹ́ nígbà tí ènìyàn bá ń sáré, òun la ó sì kọ́kọ́ yanjú, kí a tó dé orí etí funfun.

Férémù 24 ni fíìmù ń lò, NTSC ń béèrè 30 (ó dín díẹ̀ ní ti méjèèjì). Nítorí náà, wọ́n pín férémù fíìmù sí ìlàjì-ìlàjì, ìlà kíní, ìkẹta, ìkarùn-ún lọ́tọ̀, ìkejì, ìkẹrin, ìkẹfà lọ́tọ̀, wọ́n sì tún wọn tò kí férémù fíìmù 4 lè di férémù fídíò 5. Nínú 5 yẹn, 3 mọ́, 2 jẹ́ àdàpọ̀ férémù fíìmù méjì. Máa tẹ̀ ẹ́ síwájú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi tí nǹkan ti ń rìn: bí o bá rí mẹ́ta tó mọ́, méjì tó ní eyín, tó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ìlàjì tó tọ́ wà níbẹ̀, à kàn ní láti dá a padà sọ́dọ̀ ẹnìkejì rẹ̀ ni. Kò sí ohun tó sọnù.

```
ffmpeg -i awo.vob -vf "fieldmatch=order=auto:combmatch=full,\
yadif=deint=interlaced,decimate" -c:v ffv1 fiimu24.mkv
```

fieldmatch ló ń so wọ́n pọ̀, decimate sì ń ju férémù tó di méjì nù kí a lè padà sí 24. yadif àárín yẹn ń dúró de àwọn tí kò rí ẹnìkejì nìkan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lo yadif nìkan fún gbogbo rẹ̀, wọ́n á ní eyín ti lọ. Ó lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti ju ìdajì ìlà nù níbi tí nǹkan ti ń rìn, ó sì méfò èyí tó kù. Ìlà tó dagun á wá di àtẹ̀gùn kéékèèké, mọ́dẹ́lì á sì yà àtẹ̀gùn náà fún ọ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ṣákaṣàka tí o rí nìyẹn.

Bí ohun tí o rí kì í ṣe eyín, tó jẹ́ pé àwòrán méjì ló hàn lórí ara wọn bí òjìji, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹni tó ṣe àwo náà ló ti po ìlàjì férémù pọ̀, fieldmatch kò sì lè tú u. Irú àwo bẹ́ẹ̀, wá ìtẹ̀jáde mìíràn.

Délé_Pẹ́kámù:
Ó dáa, mo gbà pé etí funfun ti wà nínú àwo. Kí ló dé tí a ò kàn fi hqdn3d tó lágbára nu gbogbo rẹ̀ mọ́? Èérún fíìmù á lọ, etí funfun á dínkù, àwọ̀ á tẹ́jú.

Ìlà_Wẹ́rẹ́:
Délé, jọ̀ọ́ má fi hqdn3d tó lágbára kan kátúùnù. Mo ń yà kátúùnù fún iṣẹ́, jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Àwọn kátúùnù orí tẹlifíṣọ̀n ìgbà yẹn kì í yà àwòrán 24 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àwòrán kan máa ń dúró fún férémù méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni apá á fò lọ síbòmíràn lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò tó ń fi férémù àná nu tòní á rí i pé àwòrán dúró, á fọkàn balẹ̀, á máa pò wọ́n. Nígbà tí apá bá fò, ìlà àtijọ́ á ṣì kù níbẹ̀ bí òjìji fún férémù kan tàbí méjì. Ìlà tó fà nìyẹn, kò sì ní han nínú àwòrán tó dúró tí o máa fi ṣe àyẹ̀wò, àfi tí o bá tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kátúùnù Amẹ́ríkà àtijọ́ kan tí wọ́n gbé sórí àwo ti jìyà irú èyí gan-an. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní DVNR ló fojú ìdọ̀tí wo ìlà tó bá ń yára rìn, ó sì ń nù ún kúrò. Wàá rí i tí ìka ọwọ́ kò ní ìlà mọ́, ọ̀dà nìkan ló kù.

Ẹ̀gbọ́n_Fíìmù:
Aunty ti sọ ọ́ tán. Etí funfun náà kì í ṣe ìdọ̀tí tó ń yí padà láti férémù sí férémù, ibì kan náà ló máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, nítorí náà hqdn3d ò tilẹ̀ ní rí i.

Ohun tó ń yọ ọ́ ni FineDehalo, nínú VapourSynth. A gbọ́dọ̀ lò ó ní 720x480, kí a tó mú ohunkóhun tóbi, nítorí pé píkísẹ́lì méjì péré ló fẹ̀ báyìí. Bí o bá ti sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, mẹ́jọ ni, ó sì ti ní etí tó mú.

```
import vapoursynth as vs
import havsfunc as haf
c = vs.core.lsmas.LWLibavSource("fiimu24.mkv")
c = haf.FineDehalo(c, rx=2.0, ry=1.0, darkstr=0.0, brightstr=0.8)
c.set_output()
```

Fi orúkọ mimo.vpy pa á mọ́. rx ni fífẹ̀ etí funfun sí ẹ̀gbẹ́, o ti kà á, 2 ni. Mo fi ry sí 1.0 nítorí pé kò sí nǹkankan lókè àti nísàlẹ̀ ìlà láti yọ, kò sì yẹ kí a fọwọ́ kan ibẹ̀. darkstr gbọ́dọ̀ wà ní 0. Ohun tí a fi síbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni 1.0, òun ló sì máa ń jẹ ìlà dúdú tín-ín-rín títí á fi di eérú, tí àwọn ènìyàn á wá ní FineDehalo ba kátúùnù àwọn jẹ́. Funfun ni a ń lé, kò sí ohun tó kàn wá pẹ̀lú dúdú. Bí ìtẹ̀jáde havsfunc rẹ bá jẹ́ tuntun tí kò ní FineDehalo mọ́, wá a nínú vsdehalo, ọ̀nà tí wọ́n gbà ń pè é níbẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀.

Bí o ṣe máa mọ̀ pé o ti ṣe é jù: wo ojú àwọn ènìyàn inú kátúùnù náà. Ẹ̀kán funfun kékeré kan wà nínú ẹyinjú wọn, láàárín dúdú méjì. Ètò náà kò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí etí funfun. Bí ẹ̀kán yẹn bá ti ń di eérú, dín brightstr kù sí 0.6, kí o fara mọ́ etí funfun díẹ̀ tó bá ṣẹ́kù. Eyín ẹnu náà máa ń jìyà bákan náà. Fi showmask=1 kún un kí o lè rí ibi tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Bí ìbòjú náà bá bo gbogbo ojú ènìyàn, gbé thmi àti thma ga sí i.

Ayọ̀_Alákátúùnù:
Ẹ ṣé gan-an, sà. 0.8 ti fọ́ ẹyinjú wọn lójú, mo fi sí 0.65. Etí funfun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ṣé kí n wá padà sí ìlọ́po mẹ́rin?

Ẹ̀gbọ́n_Fíìmù:
Méjì ti tó. 720 lọ́nà méjì jẹ́ 1440, kátúùnù 4:3 ní 1080 sì jẹ́ 1440x1080. Ìbú ti bá a mu láìtún fọwọ́ kàn án. Gíga ti di 960, ìyẹn ló kù láti fà dé 1080. Bí o bá lọ sí mẹ́rin tí o wá tún un rẹ̀ sílẹ̀, o ti jẹ́ kí mọ́dẹ́lì méfò ohun tí kò sí, o sì ti san owó iná lé e.

Kúrò lórí anime_6B pẹ̀lú. Fún àwòrán kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe é, ìlà rẹ̀ máa ń nípọn nínú férémù yìí, kó tín-ín-rín nínú èyí tó tẹ̀lé e, nítorí pé èérún fíìmù yàtọ̀. realesr-animevideov3 kì í ya ìlà tó lágbára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó dúró jẹ́ẹ́.

```
mkdir -p wole jade
vspipe -c y4m mimo.vpy - | ffmpeg -i - wole/%06d.png
realesrgan-ncnn-vulkan -i wole -o jade -n realesr-animevideov3 -s 2 -f png
ffmpeg -framerate 24000/1001 -i jade/%06d.png -vf \
"scale=1440:1080:flags=bicubic:param0=0.33:param1=0.33:out_color_matrix=bt709,setsar=1" \
-c:v libx264 -crf 16 -pix_fmt yuv420p -colorspace bt709 ipari.mkv
```

Ibi 960 sí 1080 yìí ni ọ̀rọ̀ Lanczos tí Délé sọ ti wúlò. Ìlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá látọwọ́ mọ́dẹ́lì, bí Lanczos bá tún fọwọ́ kàn án, á fún un ní etí funfun tuntun, lókè àti nísàlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. 0.33 àti 0.33 yẹn ni Mitchell, ó máa ń fi díẹ̀ síbẹ̀ ṣùgbọ́n ojú kì í rí i. Bilinear náà kò burú níbẹ̀, nítorí pé fífà náà kéré. Má pọ́n ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀.

Délé_Pẹ́kámù:
Ẹ ṣé é, ó kù díẹ̀ kí wọ́n lé mi kúrò nílé yìí.

Ìlà_Wẹ́rẹ́:
Ayọ̀, ọ̀rọ̀ àwọn tó wà lókèèrè ṣì kù, kò sì sí ẹni tó dáhùn rẹ̀. Ka píkísẹ́lì tó wà nínú ojú ọ̀kan lára wọn. Ojú tó ga ní píkísẹ́lì 25, ẹyinjú rẹ̀ kò ju 2 tàbí 3 lọ. Mọ́dẹ́lì rí ẹ̀kán dúdú, kò mọ̀ bóyá ojú ni tàbí ihò imú, á yà ohun tó bá fẹ́. Kò sí bí o ṣe lè yí nọ́ńbà kankan tí á fi mọ̀.

Nínú irú ìran bẹ́ẹ̀, mo máa ń po àwòrán méjì ni: ọ̀kan láti ọwọ́ mọ́dẹ́lì, ọ̀kan láti ọwọ́ nnedi3 tí kì í dá nǹkan sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó kàn ń fa ìlà tó wà lọ dáadáa ni. `core.std.Merge(modeli, nn, weight=0.6)`, nn ló gba 0.6 nínú rẹ̀. Ojú á ṣú díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ènìyàn ni. Ṣọ́ra fún ohun kan: nnedi3 máa ń ti àwòrán kúrò ní àyè rẹ̀ díẹ̀ nígbà tó bá sọ ọ́ di méjì. Lo nnedi3_rpow2, òun ló ń dá a padà. Bí o kò bá dá a padà kí o tó pò wọ́n, ìlà kọ̀ọ̀kan á di méjì, wàá sì rò pé etí funfun ló tún padà dé.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ sọ, bóyá Ẹ̀gbọ́n ò ní gbà: ìlà kátúùnù ìgbà yẹn kì í ṣe ìlà tó dán. Láti nǹkan bí ọdún 1960 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tẹ ìlà pẹ́ńsù olùyàwòrán sórí ike ní Amẹ́ríkà, àwọn ará Japan náà sì ní ẹ̀rọ tiwọn. Ìlà náà nípọn níbìkan, ó tín-ín-rín níbòmíràn, ó sì já níbòmíràn. Mọ́dẹ́lì máa ń sọ gbogbo rẹ̀ di wáyà tó nípọn kan náà. Nítorí náà mo máa ń fi nnedi3 díẹ̀ kún ìran tó súnmọ́ pàápàá, 0.3 tàbí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Fíìmù:
Ní ìran tó súnmọ́, èmi kì í po nǹkankan. Èérún fíìmù ni yóò padà wọlé pẹ̀lú nnedi3, mo sì fẹ́ kí àwọ̀ tẹ́jú. Ti ojú òkèèrè, mo gbà pẹ̀lú rẹ pátápátá.

Ọ̀kanlénígba:
Gbogbo yín ti gbàgbé pé àwòrán 4:3 kì í gba gbogbo 720 nínú àwo NTSC. 704 ni. Píkísẹ́lì 8 ló yẹ kí ẹ gé lápá ọ̀tún, 8 lápá òsì. Bí Ayọ̀ ṣe ń ṣe é yìí, àwọn ènìyàn á tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ̀gbọ́n_Fíìmù:
Ìwé òfin sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe àwo kì í sì í sábà tẹ̀lé e. Àwo kan ní igi dúdú 8 sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, òmíràn ní àwòrán dé etí. Ìyàtọ̀ náà kò ju ìdá méjì àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọ̀kanlénígba:
Wọn òṣùpá tàbí táyà tó bá wà nínú rẹ̀, kí o wá mọ èyí tó rí róbótó.

Ìlà_Wẹ́rẹ́:
Ọwọ́ ni wọ́n fi yà òṣùpá yẹn. Ta ló sọ pé ó rí róbótó látìbẹ̀rẹ̀?

Ayọ̀_Alákátúùnù:
Àwo tèmi ní igi dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n 5 ló wà lápá òsì, 9 wà lápá ọ̀tún. Ṣé kí n gé e ni, àbí kí n fi sílẹ̀?